Ta ló ní kókó ọrùn tó bá ti tóbi ni jẹjẹrẹ?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ kókó ọrùn yìí dáadáa jàre, torí l'Ábẹ́òkúta níbí ohun tí mò ń gbọ́ ṣáá ni pé tí gẹ̀gẹ̀ bá ti tóbi, jẹjẹrẹ ni, tó bá kéré, ẹ fi sílẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni o. Iṣẹ́ síkáànì ni mò ń ṣe, bí kókó ṣe rí nínú la kọ́kọ́ ń wò ká tó wọn bó ṣe tóbi tó.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú wá, kókó méjì ló wà nínú táírọ́ọ̀dì wọn, ẹran kan tó wà níwájú ọrùn. Tọ̀tún tó sẹ̀ntímítà 4, ẹni tó bá kí wọn lójú ọ̀nà á rí i. Tòsì ò ju 1.2 lọ, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lé e, ńlá yẹn kàn jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tómi wà nínú wọn, bíi kànrìnkàn òyìnbó. Òdo ni máàkì ẹ̀, TR1 nìyẹn, ìpele tí kò léwu.

Máàkì ọ̀hún, TI-RADS ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán l'Ámẹ́ríkà ló gbé èyí tí mò ń lò jáde ní 2017. Àmì tó bá ń múni fura ní iye tiẹ̀, a ó wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Kékeré yẹn ki látòkè délẹ̀, kò sómi nínú ẹ̀, 2. Ó dúdú ju ẹran táírọ́ọ̀dì tó yí i ká lọ, 2. Láti iwájú lọ sẹ́yìn ó jẹ́ 1.2, fífẹ̀ ẹ̀ 0.9 péré, ìyẹn ni pé ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, 3, àmì burúkú gan-an nìyẹn. Àmì funfun tín-tìn-tín tún wà nínú ẹ̀, 3. Ó di 10, bẹ́ẹ̀ láti 7 sókè ti di TR5, òun ló léwu jù.

Ìyá náà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí tí ò hàn lẹ fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ẹ wá fi ńlá sílẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, mà!

Ibí ni títóbi wá ti wọlé. TR5 tó bá tó sẹ̀ntímítà 1, wọ́n á ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tínrín fa díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, báyọ́písì nìyẹn. TR4, ó di 1.5, TR3, ó di 2.5. TR1 àti TR2, a kì í gún wọn. Ká ní kékeré yẹn jẹ́ 0.8 ni, a ò ní tíì gún un, síkáànì ọdọọdún la máa fi ṣọ́ ọ.

TR5 ò sì túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti dé o, ìfura ni, èsì abẹ́rẹ́ ló máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ńlá yẹn, tó bá ń há oúnjẹ mọ́ wọn lọ́nà ọ̀fun tàbí tí mímí ń nira tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, dókítà lè ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àmọ́ títẹ̀ tó ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun ló fà á, kì í ṣe jẹjẹrẹ.