Pé èèyàn wà níbi ìpàdé kò ní kó mọ̀ bóyá àkékúrú péye

Ohun tí mo máa ń gbọ́ ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni pé bí akọ̀wé bá ti ké ọ̀rọ̀ ìpàdé kúrú, ká sáà ti fún ẹnìkan tó wà níbẹ̀ kà. Bó bá ti ní "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni", ó parí. Irọ́ ni. Òun gan-an ló rọrùn jù láti tàn, torí ohun tó ṣẹ́kù sí i lórí ló fi ń kà á.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ẹlẹ́ja kan lọ́jà Olúwo ní kí n bá wọn yẹ àkékúrú ìpàdé wọn wò. Wọ́n ti gba ohùn sórí fóònù, ẹnìkan sì ti dà á kọ bó ṣe jáde lẹ́nu. Èèyàn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ti ka àkékúrú náà, wọ́n ní ó dáa. Gbólóhùn kan rèé:

"Alága ní a ti fẹnu kò pé kí oníkálukú máa dá 800 náírà lọ́sẹ̀ fún yìnyín."

Mo gé e sí mẹ́ta: ta ló sọ ọ́, èló ni, ṣé wọ́n fẹnu kò lóòótọ́? Mo wá ń wá ìlà tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn nínú àdàkọ.

Mo tẹ "800", kò jáde, torí lẹ́tà ni wọ́n fi kọ owó. Mo tẹ "gbẹ̀rin", ó gbé mi débẹ̀. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá ní ó bára mu. Àmọ́ "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin" ló wà níbẹ̀, 700 nìyẹn: ẹgbẹ̀rin dín ọgọ́rùn-ún. Iwájú ọ̀rọ̀ náà ni ìyàtọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì lojú máa ń fò.

Ẹni tó sọ ọ́ ló gbà mí lákòókò jù:

"AKÁPÒ: Wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Tá a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Akọ̀wé rò pé alága ni akápò ń fi "wọ́n" pọ́n lé. Mi ò bá a wí, àgbàlagbà ni alága. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìlà mẹ́rin tó ṣáájú, mo rí i pé akápò ti ní òun dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ni "wọ́n". Níbikíbi tí "wọ́n ní" bá wà, ìlà kan ṣoṣo kì í tó.

Fífẹnukò ńkọ́? Ohun tí alága fi fèsì kò ju "A gbọ́" lọ, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mo bi àwọn mẹ́ta yẹn. Ọ̀kan ní lẹ́yìn tí ìpàdé túká, lẹ́nu ọ̀nà, làwọn ti fẹnu kò. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò sí nínú ìpàdé.

Àdàkọ náà lè ṣì kọ, nítorí náà mo tún gbọ́ ibi owó yẹn nínú ohùn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni. Akọ̀wé wá tún un kọ: "Akápò ní àwọn tó ń ta yìnyín sọ pé 700 náírà ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ìpàdé kò ṣèpinnu lórí rẹ̀."