Ojúlówó Línẹ́nì Máa Ń Rún, Ẹ Yéé Pè É Ní Ayédèrú

Obìnrin kan tún kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ ra kaba línẹ́nì, ó ti ka àlàyé tí mo kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀, ó wá ní kí n jọ̀ọ́ sọ òótọ́ fún òun: ṣé línẹ́nì gidi ni? Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ náà máa rún, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ aṣọ ti sọ fún un pé ojúlówó línẹ́nì kì í rún, ayédèrú ló ń rún. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta aṣọ ní Gbági, mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òótọ́ níbẹ̀ rárá. Aṣọ tí wọ́n bá pè ní línẹ́nì, tí ẹ wọ̀ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sì rún, òun gan-an ni kí ẹ fura sí.

Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán náà nìyí, mi ò sì ní yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò níbẹ̀:

“Línẹ́nì nìkan ni kaba yìí, kò sí òwú tàbí pọlísítà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gé e, èmi ni mo sì rán an. Yóò rún níbi ìgbọ̀nwọ́, níkùn àti lẹ́yìn itan bí ẹ bá ti jókòó. Aṣọ náà kì í nà, nítorí náà mo fi àyè sẹ̀ǹtímítà 12 sílẹ̀ ní àyà. Mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó gé e. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ má fún un, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ nígbà tó bá ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára.”

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ara ewéko ọ̀gbọ̀ ni línẹ́nì ti ń wá, ọ̀gbọ̀ tí ẹ ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì náà ni. Ilẹ̀ tó tutù ló fẹ́. Àríwá ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, wọ́n sì ń gbìn ín ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì pẹ̀lú. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni wọ́n ń fọ́n irúgbìn rẹ̀. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, ó ti ga tó mítà kan. Wọn kì í gé e, ńṣe ni wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìrì àti òjò lè mú kí ohun tó lẹ fọ́nrán rẹ̀ mọ́ igi jẹrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lù ú kí igi rẹ̀ fọ́ dànù, wọ́n á sì fi ìyàrun onírin ya fọ́nrán tó kù.

Ibi tí fọ́nrán yẹn ń gbé lára ewéko ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ara kóró ni òwú ti ń hù, kò gbé nǹkan kan dúró. Ṣùgbọ́n abẹ́ èèpo igi ọ̀gbọ̀ ni fọ́nrán tirẹ̀ wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga tó mítà kan dúró kí atẹ́gùn má baà ṣẹ́ ẹ. Nítorí náà ó lágbára, ó sì gan. Bí ẹ bá fà á, kò lè gùn ju bí ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 lọ kó tó já. Òwú lè gùn tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Pọlísítà ń gùn ju àwọn méjèèjì lọ fíìfíì, bí ẹ bá sì jù ú sílẹ̀, yóò padà sí bó ṣe wà. Fọ́nrán tí kò mọ bí a ti ń nà kò mọ bí a ti ń padà. Ibi tí ẹ bá ká a sí ni yóò dúró sí. Ohun tó ń jẹ́ rírún kò ju ìyẹn lọ.

Omi tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú fọ́nrán ọ̀gbọ̀ ni àwọn ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlósì, èròjà tó di ara ewéko, wà, wọ́n tò gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì di ara wọn mú. Bí ọ̀rinrin bá wọ àárín wọn, ìdìmú yẹn á tú. Bí ọ̀rinrin bá jáde, wọ́n á tún di ara wọn mú, àmọ́ bí wọ́n bá ṣe wà lásìkò náà ni wọ́n máa dì. Ẹ wá rò ó wò: ẹ jókòó nínú mọ́tò, ara yín ń gbóná, òógùn ń jáde, aṣọ ti ká lábẹ́ itan yín. Línẹ́nì fa òógùn yẹn mu, ìdìmú inú rẹ̀ tú, ooru ara yín sì bá a ṣe é. Nígbà tí ẹ bá dìde tí ibẹ̀ gbẹ, ìlà ti di sójú rẹ̀. Kódà nínú yàrá lásán, kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rárá, línẹ́nì máa ń fa omi tó tó ìdá 12 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ti pọlísítà kì í tó ìdá 1. Ohun tó ń mú kí línẹ́nì tu ara nínú oòrùn Ìbàdàn yìí ló ń mú kó rún, ẹ ò lè gba ọ̀kan kí ẹ kọ èkejì. Bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: omi tú u, ooru gbẹ ẹ, ó sì jẹ́ pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tó ń gbẹ.

Ẹni tí èyí kò bá tó, ẹ jẹ́ kó gbọ́ nípa kaba kan tó ti lé ní 5000 ọdún. Lọ́dún 1913, Flíńdásì Pítírì, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wú àkísà línẹ́nì kan jáde láti ibi ìsìnkú kan ní Tákáànì ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àkísà náà wà ní dídì bẹ́ẹ̀ títí di 1977, nígbà tí wọ́n kó o lọ fún àwọn tó ń tọ́jú aṣọ àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì bá ẹ̀wù kan nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù wọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó bọ́ sí àárín 3482 sí 3102 kí wọ́n tó bí Jésù. Ẹni tó rán an mọ iṣẹ́: ó ká apá àti èjìká rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́, nítorí ó mọ̀ pé línẹ́nì á di ìlà náà mú. Ṣùgbọ́n ìlà míì tún wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, ó wà níbi ìgbọ̀nwọ́ àti abíyá. Rírún yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wọ ẹ̀wù náà kí wọ́n tó fi sínú sàréè. Línẹ́nì kan kò tíì sí tó jẹ́ ojúlówó ju ìyẹn lọ.

Wọ́n á ní aṣọ olówó gọbọi kì í rún. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á ní káfútáànì ọkọ àwọn jẹ́ línẹ́nì, kò sì rún rí. Ẹ gbé e wá, ká tanná sí i.

Oníbàárà kan gbé yáàdì mẹ́ta wá fún mi kí n fi rán kaba, ó ní “línẹ́nì tí kì í rún” ni, owó línẹ́nì ló sì san. Mo rún etí rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo tú ọwọ́, ó là padà. Mo tọrọ àyè, mo fa òwú yọ ní òòró, mo fa òmíràn yọ ní ìbú, torí pé a lè hun ohun kan ní òòró kí a fi nǹkan míì hun ìbú. Mo fi ẹ̀mú mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú iná lókè abọ́ omi. Ti òòró jó wàrà, ó rùn bíi pépà tó ń jó, eérú rẹ̀ sì rọ̀, àwọ̀ eérú lásán. Ti ìbú kò jó bẹ́ẹ̀. Ó súnkì sá fún iná, ó yọ́, ó rú èéfín dúdú, nígbà tó tutù ó ti di kóró dúdú líle tí èékánná kò lè fọ́. Rọ́bà nìyẹn, pọlísítà. Ìdajì aṣọ náà ni kì í ṣe ohun tó pè é. Iná kò ní fi línẹ́nì hàn yàtọ̀ sí òwú, nítorí bákan náà ni wọ́n ń jó. Ẹ rin okùn tí ẹ fà yọ lára aṣọ náà díẹ̀, kí ẹ fà á já: ojú ibi tí línẹ́nì ti já máa ń gan, ó máa ń gún gbọọrọ, ti òwú á rí wúruwùru.

Mo gbà pé àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń fi kẹ́míkà sí línẹ́nì gidi kó má baà rún púpọ̀. Ó ń dín in kù, kò mú un kúrò, ó sì ń sọ fọ́nrán náà di ẹlẹgẹ́.

Bí ẹ bá ti gbà pé fọ́nrán yìí kì í nà, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń rán an ní ṣíṣò. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96, mo ń rán 108 fún un. Ẹni tó bá ní kí n jẹ́ kó fún mọ́ òun lára pinpin bíi ti aṣọ tó ń fà, mi ò ní gbà. Ìgbà tó bá na ọwọ́ síwájú láti di sítíárìn mú, aṣọ kò ní bá a lọ. Ojú rírán ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ jìyà: òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò níbi tí abẹ́rẹ́ gbà, ẹ ó rí àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó tò tẹ̀lé ara wọn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. Bí ẹ bá wọ kaba náà fún wákàtí mélòó kan, ìdí àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀. Fífọ̀ á kó o jọ padà.

Fífọ̀ tí mo máa ń fọ aṣọ kí n tó gé e ṣe pàtàkì, òun sì ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ń fò. Nígbà tí ẹ̀rọ ń hun ún, ó fa òwú náà le. Omi àkọ́kọ́ tó bá kàn án ló máa tú u sílẹ̀, aṣọ á sì súnkì. Yáàdì mẹ́ta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 274. Bó bá fi ìdá 5 nínú 100 súnkì, ó kù bíi 260. Kaba tí mo bá gé ní 120 láìfọ aṣọ rẹ̀ á di 114 lára oníbàárà lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á wá gun òkè orúnkún rẹ̀. Nítorí náà omi tó gbóná ju èyí tí mo ní kí ẹ lò lọ ni mo fi ń fọ̀ ọ́.

Omi kì í ba línẹ́nì jẹ́. Ó lágbára nígbà tó bá tutù ju ìgbà tó gbẹ lọ, ẹ ò nílò láti máa gbé e fún alágbàfọ̀ tó ń fi kẹ́míkà fọṣọ. Ọṣẹ tí kò le ti tó, kí ẹ má ṣe fi ohun tí ń bó aṣọ sí i. Ẹ má fún un, nítorí ìlà tí fífún ń fi sára rẹ̀ ló ṣòro láti lọ̀ jù. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sá a síbòòji bó bá ní àwọ̀. Ẹ ká a kúrò lórí okùn nígbà tí kò tíì gbẹ tán, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa lọ̀ ọ́. Bó bá dúdú, inú ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, kó má baà máa dán.

Ohun tó ń pa á jù ni pé kí ẹ máa lọ ìlà kan náà mọ́ ọn lójú kan náà ní gbogbo ìgbà. Fọ́nrán tó gan yẹn á máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ibi tí ẹ ká, títí aṣọ á fi là níbẹ̀ nígbà tí ibi yòókù ṣì dára. Ọrùn àti etí ìsàlẹ̀ ni mo ti ń rí i jù. Hángà ni kí ẹ fi í kọ́, ẹ má ká a sínú àpótí.