Èsì wa lórí ṣájà 18W: ìdí tí 20% tó kẹ́yìn fi ń pẹ́

Oníbàárà kọ̀wé pé: “Bátìrì fóònù mi jẹ́ 5000 mAh. Mo ṣírò rẹ̀ pé láti 20% dé 100%, ìṣẹ́jú 51 ni ṣájà yín yẹ kó lò. Ìṣẹ́jú 50 ló fi dé 80%, ó sì tún lo ìṣẹ́jú 50 mìíràn kó tó kún. Ṣé ojúlówó ṣájà nìyí? Ìràwọ̀ méjì.”

Ẹ kú iṣẹ́, oníbàárà wa. A dúpẹ́ pé ẹ wo aago, ẹ sì kọ àkókò méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ohun tí ẹ kọ yìí gan-an ló fi hàn pé ṣájà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Àkúrẹ́ máa ń fi ámpíà 2 tó wà lára ṣájà pín 5000 mAh, wọn a sì rí wákàtí méjì ààbọ̀, èyí tí kò tọ̀nà, nítorí pé fóltì 9 ni ṣájà fi ń gbé ámpíà 2 yẹn wá, nígbà tí ti bátìrì jẹ́ nǹkan bíi 3.85. Ẹ̀yin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 3.85 sọ ámpíà-wákàtí 5 di púpọ̀, ó di wáàtì-wákàtí 19.25, ẹ mú 80% rẹ̀, ìyẹn 15.4, ẹ sì fi 18 pín in. Ìṣirò náà pé, àmọ́ ó gbà pé gbogbo ohun tó bá jáde lára ṣájà ló ń wọ inú bátìrì, ó sì tún gbà pé bákan náà ni yóò máa wọlé títí dé òpin. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣẹ́jú 50 àkọ́kọ́. Láti 20% dé 80%, wáàtì-wákàtí 11.55 ló wọ inú bátìrì, èyí tó túmọ̀ sí pé wáàtì 14, ó dín díẹ̀, ló ń wọlé. Fóònù gbọ́dọ̀ sọ fóltì 9 kalẹ̀ sí nǹkan bíi 4 kí bátìrì tó lè gbà á, ibẹ̀ sì ni apá kan ti ń di ooru, èyí tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn lẹ́yìn fóònù. Wáyà náà ń jẹ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí wọ́n bá wà ní títàn. Kí 14 wọlé nínú 18, iṣẹ́ gidi ni ṣájà ṣe.

Ìṣẹ́jú 50 kejì ló bí yín nínú, ọwọ́ fóònù ló sì wà. Bátìrì lítíọ́mù ní òkè fóltì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, nǹkan bíi 4.4 nínú irú èyí tó wà nínú fóònù òde òní. Bí bátìrì bá ti ń sún mọ́ òkè yẹn, fóònù á di fóltì mú síbẹ̀, á sì máa dín ámpíà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí wọ́n bá fipá tì í wọlé ní àkókò yẹn, lítíọ́mù lè máa lẹ̀ mọ́ inú bátìrì bí irin, bátìrì á bàjẹ́ kíákíá, ó sì lè di ewu. Wáàtì-wákàtí 3.85 tó kù wọ inú bátìrì yín ní ìwọ̀n wáàtì 4.6, nítorí náà bí ẹ tilẹ̀ ra ṣájà tó lágbára ju tiwa lọ, díẹ̀ ló lè gé kúrò nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ má fi ìgbà tó kún dán ṣájà wò. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ láìlò ó, níbi tí kò gbóná, kí ẹ ka ìṣẹ́jú láti 30% dé 60%. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ló yẹ kó gbà. Bó bá tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí “Fast charging” kò sì hàn lójú fóònù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáàtì 10 péré ni fóònù ń gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà ló máa ń fa èyí. Ẹ fi èyí tó bá ṣájà wá nínú páálí dán an wò, bí kò bá yí padà, ẹ gbé méjèèjì wá ká pààrọ̀ wọn.

Láti máa ṣírò rẹ̀ nílé, ẹ fi 14 pín wáàtì-wákàtí tó kù kó tó dé 80%, ẹ fi 60 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ kó lè di ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 40 sí 50 lé e bí ẹ bá fẹ́ kó kún. Bí iná bá sì wá fún ìgbà díẹ̀ tí fóònù méjì irú èyí wà nílẹ̀, ìṣẹ́jú 100 tí ẹ fi kún ọ̀kan yẹn tó láti gbé àwọn méjèèjì láti 20% dé 80%, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.