Ẹ bi àwọn àgbà tó ti Gana dé kí ilẹ̀ tó ṣú

Ní Ogbómọ̀ṣọ́ yìí, ilé tí wọ́n fowó Gana kọ́ ò wọ́n, torí àwọn bàbá àti ìyá wa ti ń tajà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Góòlù Kóòsì, wọ́n pọ̀ ní Tàmale dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ sẹ́kọ́ndìrì wa pé báwo ni Gana ṣe gbòmìnira, Nkrumah nìkan ló máa dárúkọ. Àwa ò fara mọ́ kí wọ́n máa kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí ọmọ rò pé ọ̀mọ̀wé kan ló lọ bá òyìnbó sọ̀rọ̀ tí òyìnbó sì gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ru bọ̀ lọ́jà àti lóko kó tó kan ọ̀mọ̀wé.

Ọdún 1948 ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà wọ́n gógó, kọ́ńpìnì òyìnbó bíi mélòó kan ló sì ń kó o wọlé. Àìsàn tún wọ inú kòkó, ìjọba wá ń gé igi kòkó àwọn àgbẹ̀ lulẹ̀, pé kó má baà ràn, àgbẹ̀ tó ń wo igi tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn tí wọ́n ń gé e, ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún un? Àwọn sójà tó ti ogun Bọ́mà dé náà ń retí pẹ́ńṣàn àti iṣẹ́ tí wọn ò rí. Ìbínú mẹ́ta rèé, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀.

Lóṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjòyè kan ní Akra, Nii Kwabena Bonne, ní kí gbogbo èèyàn má ra ọjà lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnì yẹn mọ́. Wọ́n gbọ́ràn. Nígbà tó yá, àwọn kọ́ńpìnì gbà láti dín èrè wọn kù láti 75 nínú ọgọ́rùn-ún sí 50, wọ́n sì fi ọjọ́ 28 oṣù kejì parí ìjà náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ọjà tí wọ́n rà ní 100 tí wọ́n ń tà ní 175, ó di 150. Àwọn èèyàn tó ti ń retí pé owó ọjà á já wálẹ̀ gan-an dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rí i pé díẹ̀ ló kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn sójà àtijọ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n fẹ́ mú lẹ́tà lọ fún gọ́fínọ̀ ní Christiansborg. Ọlọ́pàá dá wọn dúró lọ́nà, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó tó wà níbẹ̀ yìnbọn, àwọn mẹ́ta kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ìròyìn yẹn bá àwọn tó ń bínú ní ṣọ́ọ̀bù, ni ìgboro bá dà rú, ó dé Kumasi àti ìlú míì.

Ibi tó yẹ ká dúró wò nìyí. Ọmọ Gáà, ọmọ Aṣánti àti ọmọ Ewe ò fìgbà kan jẹ́ ìlú kan náà tẹ́lẹ̀, òyìnbó ló fa ààlà yí wọn ká. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ ìjọba kan náà ló ń gé kòkó ẹni yìí, tó ń yìnbọn fún ọmọ ẹni yẹn, wọ́n rí i pé ẹni kan náà ló ń fìyà jẹ wọ́n, ibẹ̀ ni “àwa” ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tún wá mú olórí mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú UGCC, Nkrumah wà lára wọn, wọ́n dá wọn lẹ́bi rògbòdìyàn tó ti ọjà àti ọ̀dọ̀ sójà bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wọn lórúkọ níbi gbogbo.

Ẹgbẹ́ yẹn ní kí òmìnira tètè dé bó bá ṣe lè yá tó. Nkrumah yapa ní 1949, ó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀, CPP, sílẹ̀, ó ní “nísinsìnyí” ni, àwọn ọ̀dọ́ tí ò kàwé púpọ̀ sì rọ́ tẹ̀ lé e torí ọ̀rọ̀ yẹn yé wọn. Ẹ̀wọ̀n ló wà tó fi wọlé ìbò oṣù kejì 1951. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957, Gana dá dúró.

Ṣùgbọ́n “àwa” yẹn ní ẹ̀yìn tó dùn wá. Ẹni tó bá ń ka àwọn tó jẹ́ “àwa” máa ní láti ka àwọn tí kì í ṣe “àwa” náà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia tó ń ṣe olórí ìjọba Gana nígbà náà fún àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi gbà á tàbí kó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣe fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, tí wọ́n gun lọ́rí wálé.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti lé ní àádọ́rin báyìí. Ohun tá a ń bi káńsù àti àwọn ilé-ìwé wa ni pé kí ló dé tí wọn ò rán ọmọ ilé-ìwé lọ bá wọn, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀: kí làwọn òbí wọn sọ nípa ọdún 1948, ṣé wọ́n ta ọjà nígbà tí Bonne ní kí wọ́n má rà, ta ló kọ́kọ́ pè wọ́n ní àjèjì, kí ni wọ́n sì rí kó wálé? Kí wọ́n fi ìdáhùn yẹn kọ́ ọmọ kíláàsì ní táàmù tó ń bọ̀.