Bí akáńtàǹtì bá kọ iye inú ìwé sílẹ̀, iye ilé-iṣẹ́ kò tìtorí ẹ̀ dín kù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, títí kan àwọn tó mọ ìwé ìṣirò kà dáadáa. Wọ́n ní èèyàn kò lè gbára lé ọ̀nà ìdíyelé tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí iye inú ìwé, nítorí ọwọ́ akáńtàǹtì ni iye yẹn wà. Bó bá wù ú, á kọ ọ́ sókè. Bó bá wù ú, á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá gbà pé tí iye inú ìwé bá ti kéré jù, iye tí a máa bá jáde náà á kéré jù, tí ó bá sì pọ̀ jù, èsì á pọ̀ jù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà èrè àṣẹ́kù, èyí tí Preinreich ti kọ nípa rẹ̀ ní 1938, tí Ohlson sì tún gbé dìde ní 1995, ní ohun kan nínú tó ń tún àṣejù akáńtàǹtì ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà náà ṣe rí.

Owó onípìn-ín kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó kó owó rẹ̀ sínú ilé-iṣẹ́ kan ì bá ti kó o síbòmíràn tí ewu rẹ̀ jọ tibí, kí ó sì jèrè níbẹ̀. Èrè tó pa tì yẹn ni a máa ń yọ kúrò nínú èrè tí ilé-iṣẹ́ jẹ lọ́dún. Tí owó onípìn-ín nínú ìwé bá jẹ́ 900 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí àwọn onípìn-ín sì ń retí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 90 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún náà kàn tó ohun tí wọ́n ń retí ni. Ohun tó bá lé ní 90 ni èrè àṣẹ́kù. Iye tí ìpín gbogbo tó lónìí ni iye inú ìwé lónìí, pẹ̀lú gbogbo èrè àṣẹ́kù tí a ń retí lọ́jọ́ iwájú, lẹ́yìn tí a bá ti dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn padà sí ohun tó jẹ́ lónìí:

```
V0 = B0 + (E1 - r*B0)/(1+r) + (E2 - r*B1)/(1+r)^2 + ...
B1 = B0 + E1 - D1
```

B ni iye inú ìwé, E ni èrè ọdún, D ni owó tí wọ́n pín fún àwọn onípìn-ín, r sì ni èrè tí wọ́n ń retí. Ìlà kejì yẹn ni kí ẹ mójú tó. Ó ní ohun méjì péré ló gbọ́dọ̀ máa yí iye inú ìwé padà: èrè tó wọlé, àti owó tí ilé-iṣẹ́ àti àwọn onípìn-ín fún ara wọn. A óò padà bá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tí kò ní lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Àwọn onípìn-ín kó 900 sílẹ̀. Wọ́n fi 600 ra ẹ̀rọ, wọ́n sì ná 300 sórí iṣẹ́ ìwádìí. Láti ìgbà yẹn, 400 ni yóò máa wọlé lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, wọn yóò sì pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn onípìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Tí a bá dá 400 lẹ́ẹ̀mẹta yìí padà sí òní ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 994.74 ni. Iye tó tọ́ nìyẹn, kò sì sí akáńtàǹtì nínú rẹ̀ rárá.

Akáńtàǹtì àkọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ìwádìí náà jẹ́ dúkìá. Ó kọ 900 sínú ìwé, ó sì ń yọ 300 kúrò lọ́dọọdún fún ẹ̀rọ àti ìwádìí. Èrè ọdún kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ 100. Iye inú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 900, 600 àti 300, nítorí náà èrè àṣẹ́kù jẹ́ 10, 40 àti 70. Nígbà tí a bá dá wọn padà sí òní, wọ́n jẹ́ 94.74. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 900 ni 994.74.

Akáńtàǹtì kejì kò gba ìwádìí gẹ́gẹ́ bíi dúkìá. Ó pa 300 náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, 600 péré ló sì kù nínú ìwé. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, ohun tó ń yọ lọ́dún kò ju 200 ẹ̀rọ lọ, nítorí náà èrè ọdún kọ̀ọ̀kan di 200. Iye inú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jẹ́ 600, 400 àti 200, èrè àṣẹ́kù sì jẹ́ 140, 160 àti 180. Ní iye ti òní, 394.74 ni wọ́n. Ẹ fi 600 kún un: 994.74.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 300 tó pòórá yẹn ló yẹ kí a wò dáadáa. Ẹ yọ èrè àṣẹ́kù ti ìwé àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìwé kejì lọ́dún kọ̀ọ̀kan: 130, 120, 110. Bí gbèsè ni ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹni tó yá 300 ní ìdá mẹ́wàá, tó ń san 100 padà lọ́dọọdún pẹ̀lú èlé orí ohun tó kù, 130, 120 àti 110 náà ni yóò san. Akáńtàǹtì tó pa 300 rẹ́ lónìí ti mú un lọ́wọ́ ìwé ti òní, ó sì gbọ́dọ̀ san án padà fún àwọn ọdún tó ń bọ̀ tòun ti èlé: 100 nítorí pé ìnáwó tí kò sí mọ́ ti sọ èrè di ńlá, àti èlé nítorí pé iye inú ìwé tó kéré ti dín ohun tí à ń yọ fún onípìn-ín kù. Kò sí bó ṣe lè sá fún ìsanpadà yìí, ìyẹn ni èsì méjèèjì fi bára mu.

Ẹni tó ń wo ìwé lásán ni àyípadà yìí máa ń ṣì lọ́nà. Ìwé àkọ́kọ́ fi èrè 100 hàn lórí 900, ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé kejì fi 200 hàn lórí 600, ìdá 33.3. Ẹni tó bá fi èyí yan ilé-iṣẹ́ á ní ìkejì dára ju àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni, owó kan náà ló ń wọlé fún un.

Níbo wá ni ìṣòro tòótọ́ wà? Èyí tí mo rí tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n ń pa ìwé méjì pọ̀. Wọ́n rí 600 nínú ìwé, wọ́n ní ó kéré jù, wọ́n dá 300 ìwádìí padà sínú rẹ̀ kí ó di 900. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n á wá fi èrè 200 tí ilé-iṣẹ́ ń kéde sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí wọ́n bá ti mú 900 pẹ̀lú èrè àṣẹ́kù ti ìwé kejì, 1,294.74 ni wọ́n máa bá jáde. Wọ́n ti ka 300 náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá gbé iye inú ìwé sókè gbọ́dọ̀ mú ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ gòkè pẹ̀lú, kí ó sì yọ èrè onípìn-ín lórí iye tuntun náà.

Ìṣòro kejì wà nínú ìlà kejì tí mo ní a óò padà bá. Àwọn òfin ìṣirò kan gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti jẹ́ kí àwọn àyípadà kan wọ owó onípìn-ín láìgba inú èrè ọdún kọjá. Lábẹ́ IAS 16, fún àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ tó yàn láti máa tún iye dúkìá rẹ̀ dá lè kọ ìgòkè iye náà sí owó onípìn-ín. Ẹ padà sí ìwé kejì wa. Ká ní ní ìparí ọdún kìn-ín-ní, wọ́n gbé iye ẹ̀rọ láti 400 sí 500, tí 100 náà kò sì gba inú èrè kọjá. Ìnáwó ọdún kejì àti ìkẹta á di 250, èrè á di 150. Èrè àṣẹ́kù wá jẹ́ 140, 100 àti 125, àpapọ̀ iye wọn ti òní jẹ́ 303.83, èsì sì di 903.83. Owó kan ò yí padà ní ilé-iṣẹ́ náà, síbẹ̀ 90.91 ti sọnù. 90.91 yẹn ni 100 ọ̀hún gan-an, tí a dá padà ní ọdún kan. Gbèsè náà ni wọ́n san tí wọn kò yá: ìnáwó ọjọ́ iwájú gòkè, ṣùgbọ́n kò sí èrè kankan tó gbà á wọlé. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi 100 náà kún èrè ọdún kìn-ín-ní, kí a lo èrè àpapọ̀ dípò èrè lásán. Ohun tó ti kọjá báyìí kò ṣe wá ní nǹkan. Àsìkò iwájú tí a ń ṣírò nìkan ni òfin ìlà kejì yẹn gbọ́dọ̀ dúró.

Ìkẹta ni ibi tí a dá ìṣirò dúró sí. Ilé-iṣẹ́ tòótọ́ kì í parí lọ́dún mẹ́ta, nítorí náà ọ̀pọ̀ máa ń ṣírò ọdún díẹ̀, wọ́n á sì ní èrè àṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ òdo. Tí a bá dúró ní ọdún kìn-ín-ní nínú àpẹẹrẹ wa, ìwé àkọ́kọ́ á fún wa ní 909.09, ìwé kejì á fún wa ní 727.27. Níbí, akáńtàǹtì ti ní ipa lórí èsì, nítorí pé a gé ìsanpadà kúrú. Ewu yìí pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ná owó ńlá sórí ìwádìí, bí àwọn tó ń ṣe oògùn: IAS 38 ní kí wọ́n pa owó ìwádìí rẹ́ lọ́dún tí wọ́n ná an. Nílé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èrè àṣẹ́kù kì í di òdo níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ń lọ, ẹni tó bá sì kọ òdo síbẹ̀ ti dá iye kéré. Ó yẹ kí ó ṣírò bí iye ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe fi ju iye inú ìwé lọ ní ọdún tó dúró sí, kí ó sì dá ìyẹn padà sí òní. Ní báńkì, tí ọ̀pọ̀ dúkìá rẹ̀ wà nínú ìwé ní iye tó sún mọ́ ti ọjà, òdo kì í jìnnà sí òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kò túmọ̀ sí pé irọ́ inú ìwé kò lè ṣe yín ní jàǹbá. Tí wọ́n bá kọ dúkìá tí kò sí sínú ìwé, ìṣirò yìí á tún un ṣe kìkì tí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n máa pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì fi ìparẹ́ náà sínú èrè tí ẹ ń retí. Ẹni tí irọ́ náà bá ti wọ inú ìfojúsọ́nà rẹ̀ kò ní ààbò lábẹ́ ọ̀nà kankan, títí kan èyí tó ń ka owó tó ń wọlé nìkan.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò ni pé, láti inú owó tí mo fojú sọ́nà pé yóò wọlé gan-an, láìwo iye inú ìwé, mo máa ń ṣírò owó tí wọ́n máa pín lọ́dún kọ̀ọ̀kan, màá sì dá a padà sí òní lọ́tọ̀. Àwọn èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu dé orí ẹyọ tó kéré jù. Tí àlàfo bá wà láàárín wọn, mo máa ń wá ọdún tí iye inú ìwé yí padà láìsí èrè tàbí owó pípín tó fà á, ibẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe.