Irùngbọ̀n mi àti àárín orí mi, họ́mọ̀nù kan náà ló ń dà wọ́n láàmú

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ọkọ mi tó lajú, kí n lè ráyè fá irùngbọ̀n. Màá gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù dání níwájú dígí ilé ìwẹ̀, màá fi abẹ fẹ́lẹ́ fá àgbọ̀n mi dé ọrùn. Nígbà tí mo bá fi máa ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi dé nírọ̀lẹ́, tí mo bá fọwọ́ pa àgbọ̀n, ó ti tún ń gún mi lọ́wọ́.

Àwọn ìyá wa l'Óṣogbo níbí máa ń sọ pé obìnrin tó nírùngbọ̀n, olówó ni. Mi ò bínú sí wọn, àdúrà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí gbogbo ayé bá ti pè ní oríire, ta ni yóò gbé e lọ bá dókítà?

Orí mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà níkẹyìn. Onídìrí mi ní Òkè-Fìà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Àǹtí mi, irun yín ń lọ o. Ẹ jẹ́ ká má dì í le mọ́." A dẹ ìdì, kò yí padà. Lọ́jọ́ kan ó fi ìlarun ya irun mi sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ kí n lè rí i. Lẹ́yìn orí, ìlà náà tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Bó ṣe ń bọ̀ síwájú ló ń fẹ̀ sí i, títí ó fi fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Síbẹ̀, irun iwájú orí mi gan-an, níbi tí gèlè máa ń mú, pé pérépéré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Irun tí dídì líle bá fà, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ etí ló ti sábà máa ń pá. Ti èmi, àárín ni.

Dókítà kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo orí mi. Nǹkan oṣù ló bi mí. Mo ní ó lè tó ọjọ́ 50 kí ó tó wá, nígbà mìíràn ó tó 60. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún tẹstóstẹ́rọ́ọ̀nù, fún họ́mọ̀nù ọ̀fun, àti bóyá irin inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀, torí àwọn nǹkan yìí náà lè mú irun orí já. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo ilé ẹyin mi. Ohun tí gbogbo rẹ̀ jásí ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní pí-sí-ó-ẹ́ẹ̀sì.

Báyìí ló ṣe là á yé mi. Gbogbo obìnrin ló ní họ́mọ̀nù akọ díẹ̀ lára. Ti èmi ni ilé ẹyin ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Bí họ́mọ̀nù yìí bá dé àgbọ̀n, irun wẹ́wẹ́ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí yóò di èyí tó nípọn, tó dúdú. Bó bá dé àárín orí, òdìkejì ni yóò ṣe: gbòǹgbò irun yóò máa sún kì, irun tuntun tó bá hù yóò tín-ín-rín ju ti àná lọ, títí yóò fi dà bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Nǹkan kan náà ló ń gbin níhìn-ín tó ń tu lọ́hùn-ún. Èrò mi nìyí, mo sì dúró lé e: ẹni tó bá ń náwó sórí òróró irun nìkan, tàbí sórí irùngbọ̀n nìkan, ìdajì àìsàn ló ń tọ́jú.

Kí n tó mọ èyí, mo ti ba ojú mi jẹ́. Mo ń fi tíwísà fa irun àgbọ̀n tu, àwọn mìíràn sì ń wọnú awọ padà, wọ́n ń di kókó, wọ́n ń fi àpá dúdú sílẹ̀. Mo ra ìpara àpòpọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ní òun ń "tún ojú ṣe." Àpá náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni awọ mi fẹ́lẹ́, tí irun sì hù dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ló máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, òun gan-an sì lè mú irun hù. Abẹ kì í mú irun nípọn o. Ẹnu irun tí a gé ló kù pọ́nrán tó fi ń gún ọwọ́. Bí ẹ bá máa fá, ẹ fá a, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ awọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ibi tí irun dojú kọ.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi ni hóró ìfètòsọ́mọbíbí. Ó ń mú kí ilé ẹyin dín họ́mọ̀nù akọ kù, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ so ìyókù mọ́lẹ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kí wọ́n tó kọ ọ́, torí kò yẹ fún gbogbo ènìyàn. Ìyá ọkọ mi rí páálí rẹ̀ nínú yàrá. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ọmọ kan ṣoṣo yìí náà lẹ fẹ́ fi mọ?" Ọkọ mi ló dáhùn: "Màámi, oògùn àìsàn ni. Èmi àti òun la jọ pinnu rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtọ́jú náà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n fi sipironoláàkitóònù kún un, mílígíráàmù 50 lójúmọ́, lẹ́yìn náà 100. Oògùn yìí ń dí họ́mọ̀nù lọ́wọ́ kó má lè ṣiṣẹ́ lára irun, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ọmọkùnrin inú oyún ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí oyún kò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tó bá sì ń lò ó gbọdọ̀ fètò sọ́mọ bíbí. Èmi àti ọkọ mi fi ọmọ kejì sí ọdún tó ń bọ̀.

Fún orí, mínọ́sídíìlì ni, oògùn olómi tí wọ́n ń fi sí awọ orí kí irun lè hù. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, irun tún já sí i, mo sunkún. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé irun àtijọ́ ló ń fi ààyè sílẹ̀ fún tuntun, kí n má dáwọ́ dúró. Nǹkan tí wọn kò sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bó bá ṣàn wá sí ojú, yóò hu irun síbẹ̀ náà. Mo máa ń fi sí awọ orí ní nǹkan bí wákàtí méjì kí n tó sùn, kó ti gbẹ kí n tó fi orí lé ìrọ̀rí, màá sì fọ ọwọ́ mi dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ fi lésà pa irùngbọ̀n, kó béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní. Èyí tí wọ́n kọ Nd:YAG sí lára ló dára jù fún awọ dúdú wa. Àwọn mìíràn lè jó awọ. Bí wọn kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ dìde.

Bí irun bá sì ṣàdédé hù wọ̀ǹwọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn sì ń ki bí ti ọkùnrin, ìyẹn kì í ṣe tèmi yìí o. Ó lè jẹ́ kókó kan nínú ara ló ń tú họ́mọ̀nù sílẹ̀. Kí ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ máa lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Oṣù kọkànlá tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń fá irùngbọ̀n lọ́sẹ̀ báyìí, kì í ṣe ojoojúmọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, onídìrí mi tún ya irun mi sí méjì, ó gbé fọ́tò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ìlà náà ṣì fẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n irun kéékèèké ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, dúdú, wọ́n dúró ṣánṣán.