Kọ́rọ́ọ̀sì Òyìnbó lẹ́nu Yorùbá: ohùn orin ni ká kọ́kọ́ wò

Èrò ọkàn mi nìyí o, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú rọra bínú. Ọ̀pọ̀ kọ́rọ́ọ̀sì Òyìnbó tí wọ́n ń túmọ̀ sí Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ààbọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ṣe sí wọn. Ẹni tó túmọ̀ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Yorùbá, ó ka sílébù kí ó má bàa pọ̀ ju ohùn orin lọ, ó bá jókòó ti iṣẹ́ náà pé ó ti parí. Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé níbi tí ohùn orin ti ń gòkè, ṣé ọ̀rọ̀ náà ń gòkè? Níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan máa ń rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé kí gbogbo sílébù olóhùn òkè bọ́ sórí m, ìyẹn mí inú sọ́fà, kí ti ìsàlẹ̀ bọ́ sórí d, ìyẹn dò. Rárá o. Dò-re-mí tí a fi kọ́ àmì ohùn nílé ìwé kì í ṣe nóòtì orin. Ohun tí etí Yorùbá ń dúró dè ni ìrìn láti sílébù kan sí èkejì: ó gòkè ni, ó sọ̀ kalẹ̀ ni, àbí ó dúró? Bí ọ̀rọ̀ àti orin bá jọ gòkè, tí wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ọ̀rọ̀ bá rìn tí orin dúró sójú kan, etí á gbà á, á fi ìyókù gbólóhùn náà mọ ohun tí a ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ọ̀kan ti gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí akọrin bá ti mí, ìṣirò tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Sílébù tó gbẹ̀yìn kí a tó mí kò ní ìjà pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìparí ìlà ló máa ń kó wa sí yọ́ọ́yọ́ jù. Àwọn kọ́rọ́ọ̀sì wọ̀nyí fẹ́ràn kí ìlà máa sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi lórí d. Yorùbá ní tirẹ̀ fẹ́ràn kí ìlà parí sí "mi", "wa" àti "Rẹ", ohùn àárín sì ni gbogbo wọn. Fa "Rẹ" wálẹ̀ ju sílébù tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó di "Rẹ̀". Ìjọ dìde, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "orúkọ Rẹ̀" ni orin ń wí, bí ẹni ń ròyìn ẹni tí kò sí nílé. Bákan náà ni "o tóbi" ṣe ń di "ó tóbi" níbẹ̀rẹ̀ ìlà tí orin bá ti òkè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan, ká tú u palẹ̀. Ká ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ni pé Ọlọ́run tóbi, òun ni Olúwa àti Olùgbàlà ẹni tó ń kọrin, sílébù mẹ́jọ sì ni ìlà náà, ohùn rẹ̀ ní sọ́fà: m m s s m r r d. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, "O tóbi, Olúwa, Olùgbàlà mi", sílébù mọ́kànlá ni. Ẹni tó mọ̀ pé ó pọ̀ jù á yọ "Olúwa", á sì yọ̀ pé mẹ́jọ pé géérégé:

```
m   m   s   s   m   r    r   d
O   tó  bi  O   lù  gbà  là  mi
```

Ẹ wá wo ìrìn wọn. Láti "O" sí "tó", ọ̀rọ̀ gòkè, orin dúró. A lè fara mọ́ ìyẹn. Láti "tó" sí "bi", ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, orin fò sókè láti m lọ sí s. Ẹni tí kò mọ orin náà rí lè gbọ́ ọ bíi "tó bí Olùgbàlà", ká má mọ̀ pé Màríà ni à ń kọrin fún. "Olùgbàlà" fúnra rẹ̀ dára gan-an, torí pé ohùn àárín kan àti ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló jẹ́, ó sì bá m tàbí s tó ń bọ́ sílẹ̀ mu. Àfi "mi" tó kẹ́yìn. Láti "là" sí "mi", ọ̀rọ̀ gòkè díẹ̀, orin bọ́ sí d, ó wá di "Olùgbàlà mì", bí ìgbà tí ilẹ̀ bá mì. Sílébù pé mẹ́jọ lóòótọ́, ibi méjì sì ti bàjẹ́ nínú ìlà kan ṣoṣo.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú kí a máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Ohùn orin ni ká gbé síwájú, ká bi í pé kí ló fẹ́: àárín méjì tàbí ìsàlẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà òkè méjì, lẹ́yìn náà kí ó máa sọ̀ kalẹ̀. Èwo nínú ọ̀rọ̀ ìyìn wa ló rìn báyẹn?

```
m   m   s   s   m   r    r   d
Ọ   ba  ń   lá  O   lù   gbà là
```

"Ọba ńlá, Olùgbàlà." Kò sí ibì kan tí ọ̀rọ̀ àti orin ti kọ ẹ̀yìn síra. A pàdánù "mi", a sì sọ "O tóbi" di oríkì, ṣùgbọ́n Yorùbá kúkú máa ń fi oríkì yin ẹni tó tóbi, kò ní kó máa ròyìn fún un pé ó tóbi. Lójú tèmi, èrè ni a jẹ.

Ó ku kókó kékeré kan. Bí s àkọ́kọ́ yẹn bá gùn, "ń" ló bọ́ sí, ẹnu kì í sì í là fún "ń". Akọrin á kàn máa kùn bí oyin. Ẹ gbé gígùn náà fún "lá", kí "ń" jẹ́ kúkúrú. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kò ní yí nǹkan kan padà nítorí ìyẹn, ìlù náà kò sì ní yẹsẹ̀.

Irú kọ́rọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn lórí ohùn orin kan náà: Ọba lẹ́ẹ̀kan, Baba lẹ́ẹ̀kejì, Ẹni mímọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ibí yìí ni ẹni tó ṣe ẹsẹ kìíní dáadáa ti máa ń ṣubú. Orúkọ tuntun gbọ́dọ̀ rìn bíi ti àkọ́kọ́. "Ẹni mímọ́" rìn bákan náà pẹ̀lú "Ọba ńlá", ó wọlé láìjà. "Olùwòsàn" lè jókòó sípò "Olùgbàlà". "Olùtùnú" jọ ọ́ lójú, sílébù mẹ́rin lòun náà, ṣùgbọ́n ohùn òkè ló fi parí, d kò sì lè gbà á. Ẹ sì ṣọ́ra fún "babańlá": ohùn rẹ̀ bá orin mu rẹ́gí, àmọ́ àwọn baba tó ti kú ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Kí ohùn tọ̀nà nìkan kò tó.

Ìlà kejì ńkọ́? Ká ní ẹni náà ń gbọ́wọ́ sókè láti sin Ọlọ́run, ohùn orin sì jẹ́ m s s l m m r m. "Mo gbọ́wọ́ sókè, mo sìn Ọ́" bọ́ síbẹ̀ láìsí làálàá. "Gbé ọwọ́" ti di "gbọ́wọ́", ìpajẹ ti gba wá lọ́wọ́ sílébù kan. Lẹ́yìn "sókè" a mí, "sìn" bọ́ sórí r, "Ọ́" padà sí m. Ṣùgbọ́n r yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Bí akọrin bá ṣọ̀lẹ, tí ó fi m kan ṣoṣo kọ "mo sìn", etí lè gbọ́ "mo sin Ọ́", ìsìnkú sì ni ìyẹn. Níbi tí ohùn orin bá ti tẹ́jú, mi ò ní fi "sìn" síbẹ̀ rárá. "Mo júbà" ni màá lò, torí pé bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ yẹ̀, kò sí ìtìjú kankan tó máa jáde. Ibi tó léwu, ọ̀rọ̀ tí kò ní aládùúgbò burúkú ni ká fi síbẹ̀.

Fún ìparí ìlà tó ń gòkè, a ní ọ̀nà mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rántí. "Orúkọ Rẹ" kò fẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n "orúkọ Yín" fẹ́ ẹ, ohùn òkè ni "Yín". Orin tuntun ti ń pe Ọlọ́run ní "Ẹ" tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò ní ṣàjèjì létí. Kìkì pé bí ẹ bá ti yan "Yín", ẹ má padà sí "Rẹ" ní ìlà tó tẹ̀ lé e.

Ṣé a lè fọwọ́ kan ohùn orin fúnra rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìparí àti àárín ìlà ni, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń mọ orin. Ẹni tó bá fẹ́ "Olùgbàlà mi" dandan lè gbé d tó kẹ́yìn lọ sí m. Inú kọ́ọ̀dù kan náà ni m wà pẹ̀lú d àti s, nítorí náà ọwọ́ atẹ-kíbọ́ọ̀dù kò ní ṣípò. Kìkì pé ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìdajì ìjọ lè máa kọ ti Gẹ̀ẹ́sì lásìkò kan náà, nóòtì méjèèjì á máa dún pọ̀, ohùn orin á sì pín sí méjì. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ba.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fún mi: ṣebí ohùn Òyìnbó ni àwọn bàbá wa fi kọ orin inú ìwé orin, ó sì yé wọn. Ó yé wọn nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré. Kọ́rọ́ọ̀sì, etí la fi ń kọ́ ọ. Àwọn bàbá náà pàápàá kò sùn lé e. Kánọ́nù J. J. Ransome-Kuti ti ń fi ohùn Yorùbá gbé orin ìjọ kalẹ̀ kí wọ́n tó gba ohùn rẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, T. K. E. Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì, Èkó, sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953.

Kí ẹ tó gbé e fún ìjọ, ẹ wá ẹni tí kò mọ orin Gẹ̀ẹ́sì náà rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò wúlò, torí pé ìrántí ló máa fi gbọ́. Ẹ má fún un ní ìwé. Kí ẹnì kan ṣoṣo kọ ọ́ sí i létí lẹ́ẹ̀kan láìsí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹni tó ń gbọ́ sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Bí onígángan bá wà nítòsí, ẹ ní kó fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wá kọ orin lé e. Ibi tí ìlù àti ẹnu bá ti ya ara wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí. Ohùn tó wà lókè nìkan ni kí ẹ dán wò báyìí. Áátò lè máa tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ ní ìrìn kan náà, báàsì ní tirẹ̀ kò lè ṣe é ní gbogbo ìgbà, etí ìjọ kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sójú projẹ́tọ̀ ńkọ́? Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kó sì ṣí i wò lójú ògiri ní ọjọ́ Sátidé, torí pé fọ́ǹtì mìíràn máa ń ju àmì orí ẹ́ àti ọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fọ́ǹtì Noto Sans kì í ṣe bẹ́ẹ̀.